Ìwé àdéhùn èsúsú àwa ọlọ́jà: kí la ó kọ nípa ẹni tó kó tán tó dáwọ́ dúró, ta ló sì máa dúró fún un?

AláǹkáráGbági

Ẹ kú ọjà o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́wàá la jọ ń dá èsúsú lọ́jà wa, aláṣọ la pọ̀ jù níbẹ̀, oníbàtà méjì àti oníbáàgì kan. ₦50,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń dá ní gbogbo Sátidé, ẹnì kan á wá kó ₦500,000. Ẹnu lásán la ti fi ń ṣe é látọjọ́ yìí. Èyí tá a ṣe kọjá, ẹni tó kó ṣìkejì dá ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ́yìn tó kó tán, ló bá dẹ́kun, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́, fóònù ẹ̀ ò lọ. Àwọn tí ò tíì kó ló jìyà ẹ̀. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, a sì ti fẹnu kò pé a máa kọ ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó wà nínú ẹ̀ nípa owó dídá, ẹni tó máa kọ́kọ́ kó, ẹni tí ò bá dá mọ́ àti onídùúró? Ẹni tó bá ti kọ irú ẹ̀ rí kó bá wa dá sí i.

ÌyáEléèlùbọ́

Ọmọ mi, mo bá yín kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ alájọ yìí, èmi mọ ohun tójú mi rí. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń wá pẹ̀lú káàdì ẹ̀, ₦1,000 ni mò ń fún un lójúmọ́, tóṣù bá parí á yọ tọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀, á kó ìyókù fún mi, ó sì ṣe dáadáa fọ́dún mélòó kan. Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo wa ń dúró de owó àgbò, la ò rí i mọ́. Gbogbo ìlà wa ló kó lówó lọ. Nítorí náà ìmọ̀ràn mi ni pé kí alájọ yín sáìnì ìwé, kí ẹ mọ ilé tó ń gbé, kí ẹ mọ onílé ẹ̀, kí ẹ mọ ilé ìyá ẹ̀ pàápàá.

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi òmíràn dípò. Àmọ́ tiyín yàtọ̀ sí tiwọn díẹ̀. Tiyín, ẹnì kan ló ń tọ́jú owó gbogbo yín, òun nìkan lẹ máa di mú. Tiwọn ò sówó tí ẹnikẹ́ni ń tọ́jú, lọ́jọ́ tí wọ́n dá a náà ni ẹnì kan ń kó o lọ. Ẹni tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá ni ẹnikẹ́ni tó bá ti kó tí ò tíì dá tán, ẹni yẹn sì ń yí pa dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

AláǹkáráGbági, èmi ni mò ń kọ ìwé èsúsú àwa onísìmẹ́ńtì àtonírin níbí, ó ti pẹ́. Kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kan sílẹ̀, ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà mẹ́wàá, ẹ kọ ipò kọ̀ọ̀kan àti gbèsè tó máa wà lọ́rùn ẹni tó bá kó nípò yẹn lọ́jọ́ tó bá kó o. Ẹni àkọ́kọ́ ti dá ₦50,000, ó wá kó ₦500,000, ó jẹ ẹgbẹ́ ní ₦450,000. Ẹnì kejì jẹ ₦400,000. Ẹnì karùn-ún jẹ ₦250,000. Ẹnì kẹsàn-án jẹ ₦50,000 péré. Ẹnì kẹwàá ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kódà òun ló ti ń yá gbogbo yín lówó látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ lẹ bébà yẹn mọ́ ẹ̀yìn ìwé àdéhùn kí gbogbo yín sáìnì sí i. Òun ló máa fi hàn yín pé ẹni àkọ́kọ́ nílò onídùúró tó lágbára gan-an, ẹnì kẹsàn-án ò nílò ju ẹni tó lè san ₦50,000, ẹnì kẹwàá ò nílò ẹnì kankan. Mo ti ráwọn tó ní kí gbogbo èèyàn mú onídùúró méjì méjì wá bákan náà, ó wá sú wọn, wọ́n bá ń fi orúkọ èèyàn lásán kún ìwé.

Ẹni yín tó sá lọ yẹn, ó dá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ku mẹ́fà, ₦300,000 nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

AláǹkáráGbági

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ₦300,000 géérégé. Àwọn mẹ́fà tó kó gbẹ̀yìn, ₦450,000 ni kálukú wọn rí gbà.

BàbáTáyà

Ẹ ń da ara yín láàmú. Kí lẹ ń fi bébà ṣe? Èyí tá a ṣe ní tiwa, nígbà tí ẹnì kan ń fi wá ṣeré, a mú un lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n tì í mọ́lé láti Fúráìdé di Mọ́ńdè, ìyàwó ẹ̀ ló wá sanwó. Ọlọ́pàá lògbóǹkangí. Ìwé tí lọ́yà ò bá sì kọ, tí wọn ò lu òǹtẹ̀ ìjọba sí, bébà gúgúrú ni, kò wúlò ní kóòtù kankan.

Lọ́yàMòkọ́lá

Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ tún méjì ṣe níbẹ̀, ìkan sì wà tó jóòótọ́ díẹ̀.

Ti ọlọ́pàá: Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó da àdéhùn tàbí pé ó ṣẹ ẹnì kan nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ẹni tó kó èsúsú tí kò dá mọ́, gbèsè ló jẹ. Ó ṣiṣẹ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn torí pé ẹni náà ò mọ ẹ̀tọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó ní lọ́yà ni, ẹ̀yin lẹ máa wá máa jẹ́jọ́ pé ẹ ti èèyàn mọ́lé. Àmọ́ o, tó bá jẹ́ orúkọ èké àti àdírẹ́sì èké ni ẹni náà fi wọlé sáàárín yín látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè, jìbìtì ni, ẹ lè kó ìyẹn tọ ọlọ́pàá lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àdírẹ́sì ilé, nọ́mbà ṣọ́ọ̀bù àti fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ kálukú wà lára ìwé.

Ti pé lọ́yà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́: rárá. Àdéhùn ẹnu pàápàá àdéhùn ni, wàhálà ẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí gbé e lẹ́sẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ, tí kálukú sáìnì, tí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, tó ní ọjọ́ lórí, ìwé gidi ni. Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá. Tó bá dé kóòtù, wọ́n á ní kí ẹ mú ìtumọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì wá mọ́ ọn.

Ibi tó jóòótọ́ díẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ onídùúró ò dà bí ti ẹni tó ń dá owó. Ẹni tó ní òun máa san gbèsè ẹlòmíì bí onítọ̀hún ò bá san, òfin ò gba ẹnu lásán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kó sì fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀. “Ó sọ lójú gbogbo wa pé òun á san” ò tó, bí ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tilẹ̀ jọ gbọ́ ọ.

AláǹkáráGbági

Háà, ọlọ́yà ẹ ṣé gan-an, torí ẹ̀gbọ́n ẹni tó sá lọ yẹn sọ lẹ́nu pé òun dúró fún un, nígbà tá a lọ bá a ó ní òun ò sáìnì nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n bi yín. Ìyá kan nínú wa ò mọ̀wé rárá, àtàǹpàkò ló máa tẹ̀. Ṣéyẹn dáa? Ìbéèrè kejì, ṣé ẹni tó wà nínú wa lè dúró fún ẹlòmíì nínú wa, àbí ìta la ti máa mú gbogbo onídùúró wá? A sì fẹ́ máa mú nọ́mbà nínú ike ni, kó má di pé wọ́n ṣojúsàájú.

Lọ́yàMòkọ́lá

Àtàǹpàkò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ìwé náà fún ìyá gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tara ẹ̀ sísàlẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kà á fún ìyá ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, ìyá sì sọ pé ó yé òun kó tó tẹ̀ka. Òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tí ò mọ̀wé kà, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ìyá tàbí ọmọ ẹ̀ wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé ohun tí wọ́n kà fún òun kọ́ ló wà nínú ìwé. Ẹni tó kà á má jẹ́ onídùúró ìyá o. Ẹ wá ẹlòmíì.

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Ẹ jẹ́ n dá sí ti ẹni tó máa kó àti ti onídùúró pa pọ̀ torí okùn kan náà ni.

Nọ́mbà nínú ike dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí gbogbo èèyàn mú nínú ike kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ má mú nínú ipò kìíní sí ìkẹta. Ẹ jẹ́ kó dá lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú yín délẹ̀ ná. Nínú tiwa, ike méjì la ní, ti ẹni tó ti bá wa ṣe é parí rí àti ti ẹni tuntun. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú pé bí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ máa yí i po, ẹni tó kó gbẹ̀yìn á bọ́ síwájú. Torí ẹni tó kó kẹwàá, ₦500,000 ẹ̀ ò ní ra iye ìdì aṣọ tí ẹni àkọ́kọ́ fi ra, gbogbo wa la mọ bí owó ọjà ṣe ń gun òkè. Bí ẹ ò bá yí i, ẹni tó ń kó gbẹ̀yìn á rò ó lọ́jọ́ kan, á kúrò láàárín yín, ẹni tó dáa jù lẹ sì máa pàdánù yẹn.

Lẹ́yìn nọ́mbà mímú, ẹ fún kálukú ní ọ̀sẹ̀ kan kó mú onídùúró wá kó sáìnì. Ẹni tí ò bá rí mú wá, ẹ má lé e, ẹ kàn sọ ọ́ sẹ́yìn, ẹni tó tẹ̀ lé e á bọ́ sípò ẹ̀.

Ti pé kẹ́nì kan nínú yín dúró fún ẹlòmíì, ó dáa, èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju tìta lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kó gbẹ̀yìn ni kó dúró fún ẹni tó máa kó níwájú. Ipò kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ni kó dúró fún ìkíní, ìkejì àti ìkẹta. Ìdí ẹ̀ ni pé owó wọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Bí ẹni tí wọ́n dúró fún bá sá, tí wọ́n sì ní àwọn ò ní san, ẹ máa yọ ọ́ nínú ₦500,000 tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó. Ẹ ò ní wá wọn délé. Bí ẹnì kìíní bá dúró fún ẹnì kejì ńkọ́? Òun fúnra ẹ̀ ti kó tán, kí lẹ máa dì mú? Èyí tó burú jù ni kí ẹni méjì máa dúró fúnra wọn, ìwọ dúró fún mi kí n dúró fún ẹ. Ẹ kọ ọ́ gbọn-in gbọn-in pé ẹ ò gbà á, kí ẹnì kan náà má sì dúró fún ju ẹyọ èèyàn kan lọ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Bí ẹnì kìíní bá dẹ́kun lọ́sẹ̀ kẹta, ẹni tó ń kó lọ́sẹ̀ kẹta yẹn fẹ́ owó ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní dúró dọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tí owó onídùúró máa jáde. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ pé onídùúró á máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ látinú àpò ara ẹ̀, pé owó tó máa kó ni ẹgbẹ́ máa gbẹ́sẹ̀ lé bí kò bá san. Àwọn tó kù, láti ìkẹrin sí ìkẹsàn-án, kí wọ́n mú tiwọn wá láti ìta, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ mọ̀ tàbí tó ń gbowó oṣù.

Báyìí ni tiwa ṣe rí fún ipò kẹta, ẹ lè wò ó ṣe tiyín:

“Èmi (orúkọ), tí mò ń ta (ọjà) ní ṣọ́ọ̀bù (nọ́mbà), mo dúró fún (orúkọ) tó máa kó èsúsú yìí ní ipò kẹta. Bí kò bá dá owó ọ̀sẹ̀ kankan lẹ́yìn tó bá ti kó, tí ọjọ́ mẹ́ta sì kọjá lórí ẹ̀, èmi ni màá san ₦50,000 ọ̀sẹ̀ náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n bá sọ fún mi. Gbogbo ohun tí màá san lápapọ̀ kò ní ju ₦350,000 lọ, á sì máa dín kù bó ṣe ń dá owó ẹ̀. Kò di dandan kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ pè é lẹ́jọ́ kí n tó san.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Ẹni tó ń dúró sì nílò láti rí iye tó ń dúró lé lórí, torí ẹni tẹ́ ẹ kọ “màá san gbèsè ẹ̀” fún lásán, á sáìnì, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa mọ̀ pé ₦350,000 ni.

OníbàtàÌjẹ̀bú

Èmi fẹ́ sọ tèmi torí onídùúró lèmi, ìyà ẹ̀ ni mo ṣì ń jẹ títí di bá a ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mo dúró fún ìyàwó àbúrò mi níbi èsúsú kan, nọ́mbà keje ló mú, ẹni mẹ́wàá ni wọ́n, mo rò ó pé tó bá burú tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màá san, ₦30,000 ni owó ọ̀sẹ̀ wọn, ₦90,000 nìyẹn, mo sáìnì. Àṣé ó ti lọ bẹ ẹni tó ní nọ́mbà kejì kí wọ́n jọ pààrọ̀, olórí wọn sì gbà fún wọn láìsọ fún mi. Ó kó ṣìkejì, ó dá ẹ̀ẹ̀kan, ó kó ọmọ lọ sílé wọn. Wọ́n wá bá mi pé ₦210,000. Ṣé mo máa san án ni?

Lọ́yàMòkọ́lá

Àǹtí, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, ẹsẹ̀ yín dúró dáadáa. Bí wọ́n bá yí ohun tí onídùúró fọwọ́ sí pa dà láìgba ohùn ẹ̀, tí ìyípadà náà sì mú ẹrù ẹ̀ pọ̀ sí i, òfin máa ń tú onídùúró sílẹ̀ ni. Ipò keje lẹ fọwọ́ sí, ipò kejì ni wọ́n fún un. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ má sì kọ lẹ́tà pé ẹ máa san díẹ̀díẹ̀, torí ó lè dà bíi pé ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ sáìnì lọ fún lọ́yà kó kà á, torí bí gbólóhùn kan bá wà níbẹ̀ pé wọ́n lè pààrọ̀ ipò láìsọ fún yín, ọ̀rọ̀ yí pa dà nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìwé, ẹ rí i báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́mbà, àwọn méjèèjì á sáìnì, onídùúró wọn méjèèjì á tún sáìnì, ọjọ́ á wà lórí ẹ̀. Bákan náà bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ₦50,000 di ₦60,000 láàárín ọ̀nà.

OníbàtàÌjẹ̀bú

Ọlọ́run á bù kún yín. Màá wá ìwé náà jáde lálẹ́ yìí.

AláǹkáráGbági

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tó kù fún mi ni pé, bí ẹni náà bá sá tí onídùúró náà ò rí owó náà san ńkọ́? Ta ló máa ru ₦300,000 yẹn? Lọ́jọ́sí àwọn mẹ́fà tó gbẹ̀yìn nìkan ló rù ú, inú wọn ò dùn sí wa títí dòní.

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni kó rù ú, títí kan ẹni tó ti kó. ₦300,000 sọ́nà mẹ́sàn-án, ó fi díẹ̀ lé ní ₦33,000 lórí ẹnì kan. Ìyẹn sàn ju kí ẹni mẹ́fà pàdánù ₦50,000 ₦50,000 kí àwọn mẹ́ta má pàdánù nǹkan kan. Bí ẹni tó ń kó níwájú bá mọ̀ pé òun náà máa fọwọ́ kàn án, á lajú sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni tuntun wọlé, kò ní máa sọ pé “ó dáa, ó dáa” lásán. Bí owó náà bá sì wá jáde lẹ́yìn ọ̀la, sọ́nà mẹ́sàn-án náà lẹ máa pín in pa dà.

BàbáTáyà

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn láéláé. Mo ti dá tèmi pé, mo kó tèmi, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni, ẹ wá ní kí n mú ₦33,000 wá torí ẹni tí mi ò mọ̀ rí? Olórí tó mú un wọlé ni kó san án.

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín nítumọ̀, ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹni tó mú èèyàn wọlé ló ń dúró fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí nínú ìwé, àwọn tó gbẹ̀yìn ló máa rù ú lójú ara wọn, torí àwọn ni owó ò pé lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà kan tún wà tó dín in kù. Ẹni tó bá kó ní ipò kìíní sí ìkarùn-ún, ẹ má kó ₦500,000 lé e lọ́wọ́ tán. Ẹ fún un ní ₦450,000, kí ₦50,000 wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀sẹ̀ kẹwàá ẹ̀. Bó bá dá déédéé dọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kò sóhun tó tún ń wá, tiẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí olórí fi sínú àkáǹtì ara ẹ̀, ₦250,000 ló máa di tó bá yá. Ẹ ṣí àkáǹtì tó jẹ́ pé ẹni méjì ló máa fọwọ́ sí i kówó tó jáde.

AlhajaAláta

Sàláámù àláékùm. Mo ń kà á, ó ń yé mi. Èmi ní ìbéèrè lórí owó ìtanràn. Ẹgbẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ dá, ₦1,000 lójúmọ́, àwa tó kù la jọ ń pín in. Mo fi í sílẹ̀ torí ọkàn mi ò balẹ̀. Owó tí mo gbà lórí gbèsè nítorí pé ẹni náà pẹ́, èlé ni lójú tèmi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Alhaja, tiwa ń lọ sí àpò ẹgbẹ́, a fi ń ra ìwé àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń pín in. Ó sì ní ibi tó mọ, kò ní ju ₦5,000 lọ lórí ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹni tó ti wà nínú ìṣòro, bí owó ìtanràn bá ga ju agbára ẹ̀ lọ, sísá ló máa sá.

AlhajaAláta

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ jọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi í ṣe sàráà fún ọmọ aláìníyàá, ìyẹn rọrùn fún mi díẹ̀.

Lọ́yàMòkọ́lá

Fún ẹni tí ò tíì kó, ẹ lè yọ owó ìtanràn kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ kàn sọ pé ẹni tó bá pẹ́ dá lẹ́ẹ̀mejì, ipò ẹ̀ máa sún sẹ́yìn. Ó máa ń ká wọn lára ju owó lọ. Ẹni tó ti kó tán ni kò ní ipò tẹ́ ẹ máa sún, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Mi ò lè bá yín yanjú ti ẹ̀sìn.

ÌyáEléèlùbọ́

Ẹ gbà mí láyè. Ó ti wá yé mi pé tiyín yàtọ̀. Bí ẹni tí ò tíì kó bá ṣàìsàn tàbí tó kú ńkọ́? Ọmọ ẹ̀ ò ní mọ̀ pé ó lówó níta o.

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Mọ́mì, ìbéèrè yín dáa gan-an, ọ̀pọ̀ ìwé ni kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kálukú á kọ orúkọ ẹni tó máa gba owó ẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú nọ́mbà fóònù, ẹni náà á sì ní ẹ̀dà ìwé kan lọ́wọ́. Bí ẹni tí ò tíì kó bá kú lẹ́yìn tó ti dá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ₦300,000 ẹ̀ ni wọ́n máa san, lọ́jọ́ tí ipò ẹ̀ bá pé, bí ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ bá fẹ́ máa dá a lọ, kó dá a lọ kó sì kó o pé.

Ẹni tó bá kàn dẹ́kun fúnra ẹ̀ láìtíì kó ńkọ́? Owó ẹ̀ ò sọnù, àmọ́ kò lè bi yín pé òun fẹ́ ẹ lónìí, torí àwọn tó ti kó ti ná an. Ẹ kọ ọ́ pé òpin èsúsú ló máa gbà á, láìsí àfikún.

Ẹ tún kọ ohun tí dídá jẹ́ gan-an. Tiwa ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tànsífà tàbí káàṣì, owó tànsífà sì di dídá nígbà tó bá hàn nínú àkáǹtì ẹni tó ń kó, kì í ṣe nígbà tí álátì dé sórí fóònù, torí álátì ayédèrú pọ̀. Kí ẹni tó ń kó ṣí àkáǹtì ẹ̀ wò. Ẹni tó kó á sáìnì sí orúkọ ẹni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lápapọ̀. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó tuntun wọ́n bí ojú tí tànsífà ò sì wọlé, èèyàn lówó ní báńkì kò rí i gbà. A kọ ọ́ sínú tiwa látìgbà yẹn pé bí báńkì bá dákú fún gbogbo èèyàn, ọ̀sẹ̀ náà á sún síwájú fún gbogbo wa, kò sí ìtanràn, onídùúró ò sì ní ì san.

AláǹkáráGbági

Mo ti kọ ọ́ tán lálẹ́ àná. Mo fi bébà ìlà mẹ́wàá yẹn sẹ́yìn. Aago mẹ́rin Sátidé, ike méjì, ₦50,000 á wà nílẹ̀ fún ipò kìíní sí ìkarùn-ún, ẹ̀yìn ń dúró fún iwájú, pípààrọ̀ nọ́mbà di kí onídùúró méjèèjì tún sáìnì. Ti ẹni tó máa ru àdánù, mẹ́fà nínú wa gbà pé ká jọ rù ú, mẹ́ta ní ti BàbáTáyà làwọn fẹ́, a máa dìbò. Ti ìtanràn, ìyá àgbà inú wa ní sàráà lòun fẹ́. Mo kọ ọ́ pé bí ìjà bá dé, ìyálójà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ó tó di kóòtù. Ọlọ́yà, ṣé ìyẹn dáa?

Lọ́yàMòkọ́lá

Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní gbèdéke, bí ìyálójà ò bá yanjú ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kálukú lè lọ sí kóòtù. Bí ó bá di bẹ́ẹ̀, lẹ́tà lẹ máa kọ́kọ́ kọ sí ẹni náà àti onídùúró ẹ̀ láti béèrè owó, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé ó gbà á. Ní Èkó, láti 2018 ni wọ́n ti ní kóòtù gbèsè kékeré lábẹ́ májísírétì, fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, èèyàn lè pẹjọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ láìní lọ́yà. Ní Ìbàdàn ẹ lọ bi wọ́n ní rẹ́jísìtìrì kóòtù májísírétì tó sún mọ́ ọjà yín, kẹ́ ẹ mọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbà.

Akọ̀wéOnísìmẹ́ńtì

Ohun kan ló kù. Ìwé onídùúró tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo rí “títí ayé” níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó parí lọ́jọ́ tí ẹni tó dúró fún bá dá owó ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kẹ́ ẹ dá ìwé ẹ̀ pa dà fún un lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ èsúsú tuntun, ìwé tuntun ló máa sáìnì.

AláǹkáráGbági

Mo ti yọ ọ́. Ẹ̀dà méjìlá ni mo ṣe, mẹ́wàá fún wa, ọ̀kan fún ìyálójà, ọ̀kan fún ẹni tó máa kà á fún ìyá. Sátidé tó ń bọ̀ la máa kà á.